Tí ọ̀gá bá ní kẹ́ ẹ fi áàpù sí fóònù yín: ibi tí agbára ilé iṣẹ́ dé, àti bẹ́ ẹ ṣe máa fèsì

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan ni àbúrò mi obìnrin pè mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ń bá ilé iṣẹ́ kan tajà n'Íbàdàn, òun ló máa ń gbé ọjà kiri láàrin Mọ́kọ́lá, Bódìjà, Ṣàngó, títí dé Òjóò. Mánéjà ẹ̀ pè é wọlé, ó yí kọ̀ǹpútà sí i lójú, ó ní kí ló lọ ṣe ní Mọ́níyà lánàá láti aago méje alẹ́ títí di aago mọ́kànlá. Màápù wà níbẹ̀ gbalaja, ìlà pupa kan ń tọ ẹsẹ̀ ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé epo, láti ilé epo dé ilé ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni o. Fóònù tó fowó ara ẹ̀ rà ni. Áàpù tí wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó ń tajà fi sórí fóònù, tí wọ́n sọ pé ó wà fún kíkọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ọ kiri.

Nígbà tó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọjọ́ ìsinmi mi mà ni," èsì tó gbà ni pé "O ti fọwọ́ sí i." Ó dẹ̀ fọwọ́ sí i lóòótọ́, ìlà kan ṣoṣo ló wà lójú ewé kẹrin nínú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, pé ilé iṣẹ́ lè máa mójú tó bí òṣìṣẹ́ ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ó bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti tán nìyẹn?" Kò tíì tán, kò tiẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń bá ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti àṣírí wọn yí fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń jọ̀wọ́ ara wọn ni ibi ọ̀rọ̀ "o ti fọwọ́ sí i" yẹn. Ohun tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣe láti ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín níbí, bá a ṣe ṣe é gan-an, torí ọ̀nà kan náà lẹ lè gbà tó bá ṣe ímeèlì ni tàbí fóònù ọ́fíìsì. Òfin Nàìjíríà ni mò ń sọ, àwọn tó wà lókè òkun, mo máa kan tiyín nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òfin dúró sí

Dátà tí mo máa máa dárúkọ kì í ṣe èyí tá a ń rà sórí síìmù o. Gbogbo nǹkan tó bá lè fi ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ hàn ni: orúkọ yín, nọ́ńbà yín, ibi tẹ́ ẹ wà ní aago báyìí, ohun tẹ́ ẹ kọ sí èèyàn.

Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ti dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé ẹ̀, ìwé tó ń kọ sí èèyàn, àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù, kò sì síbi tó ti sọ pé tẹ́ ẹ bá ti wọ géètì ọ́fíìsì ààbò yẹn ti pin. Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ààbò dátà dé, wọ́n buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, òun ló dá àjọ NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, sílẹ̀ bó ṣe wà lónìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á fúnra yín, ẹ tẹ `Nigeria Data Protection Act 2023` sórí ìǹtánẹ́ẹ̀tì, kò gùn jù, abala 24 sí 28 àti 34 sí 37 ló kàn wá jù.

Ohun tí òfin yẹn sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè máa kó dátà yín jọ láìní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Abala 25 ka ẹsẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́, mẹ́rin la máa ń bá pàdé. Ọ̀kan ni pé ẹ̀yin fúnra yín yọ̀ǹda. Èkejì, iṣẹ́ tẹ́ ẹ gbà kò lè ṣeé ṣe láìsí i, bíi nọ́ńbà báǹkì tí wọ́n fi máa san owó oṣù. Ẹ̀kẹta, òfin kan ló pa á láṣẹ fún wọn, bíi owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀kẹrin ni ilé iṣẹ́ máa ń sá sí jù, pé àwọn ní ìdí iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání: kí ọjà má sọnù, kí ẹnikẹ́ni má fi ímeèlì ọ́fíìsì lu jìbìtì, kí mọ́tò ilé iṣẹ́ má bá ọ̀nà kọ́nà lọ. Ìdí gidi nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín, ilé iṣẹ́ tó bá gbé mọ́tò olówó gọbọi lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí mọ́tò wà. Ṣùgbọ́n abala 25 yẹn kan náà ló de ìdí yìí lókùn: kò lè dúró tó bá tẹ ẹ̀tọ́ yín mọ́lẹ̀, kò sì lè dúró tó bá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń kó dátà ẹ̀ kò lè retí láé pé wọ́n máa fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ta ló máa retí pé áàpù tí wọ́n ní kó fi máa kọ orúkọ oníbàárà á máa ka ìṣẹ́jú tó lò nílé ọ̀rẹ́ ẹ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè?

Ọ̀rọ̀ "o ti fọwọ́ sí i"

Ibí ni kẹ́ ẹ farabalẹ̀ sí. Abala 26 ló sọ ohun tó ń jẹ́ ìyọ̀ǹda, ó sì le ju bí àwọn ọ̀gá ṣe rò lọ. Ilé iṣẹ́ ló máa fi ẹ̀rí hàn pé ẹ yọ̀ǹda, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ ò yọ̀ǹda. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ìdákẹ́ yín kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àpótí kékeré tí wọ́n ti bá yín fi àmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó yéni béèrè, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ sì lè gbà á padà nígbàkigbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti kó kẹ́ ẹ tó gbà á padà kò ní torí ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé, láti mọ̀ bóyá tọkàntọkàn lẹ fi yọ̀ǹda, òfin ní kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n so iṣẹ́ náà mọ́ ìyọ̀ǹda fún nǹkan tí iṣẹ́ náà kò nílò. Buwọ́ lù ú tàbí kó o máa lọ sílé, ìyọ̀ǹda wo ló wà nínú ìyẹn? Àbúrò mi ti wá iṣẹ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbé lẹ́tà yẹn síwájú ẹ̀, bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó máa fò lókè ó ṣeé ṣe kó buwọ́ lù ú.

Torí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí bóyá ẹ fọwọ́ sí i tàbí ẹ ò fọwọ́ sí i. Ìbéèrè kan lẹ máa bi wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé: *èwo lẹ dúró lé, ṣé ìyọ̀ǹda mi ni àbí ìdí iṣẹ́ yín?* Tí wọ́n bá ní ìyọ̀ǹda yín ni, èsì yín ni pé mo gbà á padà láti òní lọ, abala 35 fún mi láyè. Tí wọ́n bá ní ìdí iṣẹ́ ni, ẹ ní kí wọ́n dárúkọ ìdí náà, kí wọ́n wá ṣàlàyé bí alẹ́ Sọ́ńdè ṣe wọ inú ẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ibi tó dé. Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ kì í tiẹ̀ fẹ́ gbára lé ìyọ̀ǹda, torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí òṣìṣẹ́ lè gbà padà lọ́la kò ṣeé kọ́lé lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ohun tó wà lórí fóònù, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí àbúrò mi lọ́kàn ni kó yọ áàpù náà dànù lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó dúró. Ẹ̀rí ni áàpù yẹn, tó bá ti yọ ọ́, ẹnu lásán ló kù.

Lórí Android, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ wọ `Location`, ẹ wá ibi tó ń to àwọn áàpù tó ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Orúkọ ibẹ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láàrin Tecno, Infinix àti Samsung, àpótí tí wọ́n fi ń wá nǹkan lókè `Settings` á bá yín rí i. Áàpù tó bá wà lábẹ́ `Allow all the time` ń mọ ibi tẹ́ ẹ wà kódà tẹ́ ẹ bá ti pa á dé, tẹ́ ẹ sì ti sùn. Èyí tó bá wà lábẹ́ `Allow only while using the app` kì í ríran tẹ́ ẹ ò bá ṣí i. Ti àbúrò mi wà lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó rántí pé ọjọ́ tí wọ́n fi sí i, ọmọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀ tó sì dá a padà, kò jẹ́ kó ka nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ti jẹ́ ẹ̀rí pé òun kọ́ ló yọ̀ǹda.

Ẹ tún wá `device admin` nínú àpótí yẹn. Áàpù tó bá ní agbára yìí lè ti fóònù yín pa, òmíràn tiẹ̀ lè nù ún mọ́ pátápátá, àti fọ́tò ọmọ yín àti gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo `Accessibility`: áàpù ọ́fíìsì tó bá wà ní títàn níbẹ̀ lè máa ka ohun tó wà lójú fóònù, ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù yín wà lára ẹ̀. Bí Wọ́sáàpù ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ pa ọ̀rọ̀ mọ́ kò ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, torí kì í ṣe ojú ọ̀nà ló ti ń kà á, ojú fóònù yín gan-an ni. Tẹ́ ẹ bá rí áàpù títajà lábẹ́ `Accessibility`, kò sí ìdí iṣẹ́ kankan tí mo mọ̀ tó lè gbè é.

Tó bá jẹ́ iPhone, `Settings`, `General`, `VPN & Device Management` ni kẹ́ ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ ilé iṣẹ́ níbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ní ọwọ́ nínú fóònù náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, á sọ ohun tí wọ́n lágbára láti ṣe.

Gbogbo ojú ewé wọ̀nyí ni kẹ́ ẹ ya fọ́tò wọn, kí ọjọ́ àti aago hàn, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tara yín, kì í ṣe ti ọ́fíìsì.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe: àwọn kan máa ń wá áàpù tó ń purọ́ ibi téèyàn wà, kí ọ̀gá lè máa rí i pé wọ́n wà l'Ágodi nígbà tí wọ́n wà ní Ìwó Road. Ẹ̀tọ́ yín wà lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ bá wá fi irọ́ bò ó mọ́lẹ̀, ẹ ti fún wọn ní ìdí tí wọ́n á fi lé yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya nǹkan yín kúrò lára nǹkan ọ́fíìsì

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹni tó bá wá bá mi: ta ló ni ẹ̀rọ, ta ló ni àkókò, kí ni wọ́n ń wò nínú ẹ̀. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì, àkókò iṣẹ́, ímeèlì iṣẹ́: ọwọ́ ilé iṣẹ́ gùn níbẹ̀. Ẹ̀rọ tiyín, àkókò tiyín, ọ̀rọ̀ ilé yín: ó ṣòro kí wọ́n tó rí ẹsẹ̀ fi dúró. Àárín méjèèjì ni wàhálà máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ímeèlì ọ́fíìsì. Ẹni tó ń bójú tó àkántì ilé iṣẹ́ lórí Google tàbí Microsoft lè ní àyè láti ṣí àpótí ímeèlì yín, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ti ṣètò ẹ̀ débi pé lẹ́tà tẹ́ ẹ ti pa rẹ́ ṣì wà nípamọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí ìwé tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ lórí ni kẹ́ ẹ ṣe rí i. Ẹ má fi kọ ọ̀rọ̀ ìlera yín, ẹ má fi wá iṣẹ́ míì, ẹ má fi bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fún yín ṣáájú pé àwọn lè wò ó, ìdí tí àwọn fi ń wò ó, ẹni tó máa rí i àti iye àkókò tí wọ́n máa fi pa á mọ́, abala 27 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ímeèlì tara yín lẹ ṣí sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tẹ́ ẹ lọ jẹun ọ̀sán, tí súpáfáísọ̀ wá jókòó síbẹ̀ tó ń kà á, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òfin dátà nìkan. Wíwọ inú àkántì ẹlòmíì láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015. Abala 12 nínú òfin yẹn kan náà sì ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lójú ọ̀nà láìgba àṣẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 2, tàbí kó san owó ìtanràn tó ₦5,000,000, tàbí méjèèjì. Kọ̀ǹpútà lè jẹ́ tiwọn, ìyẹn ò sọ àkántì yín di tiwọn.

Wọ́sáàpù lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni ibi tí mo ti rí i tó ti ń ba àwọn èèyàn jẹ́ jù. Èèyàn á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ní àárọ̀ kan torí pé ó fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́, á gbàgbé, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ṣì ń ṣí. Ẹ lọ sí `Linked devices` nínú Wọ́sáàpù yín nísinsìnyí, ẹ yọ èyí tẹ́ ẹ ò bá dá mọ̀.

Wáífáì ọ́fíìsì ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ ojú òpó tẹ́ ẹ lọ ni wọ́n lè rí, wọn ò lè ka ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀. Àyàfi tí wọ́n bá ti fi ìwé ẹ̀rí orí ẹ̀rọ tiwọn, èyí tó lè jẹ́ kí wọ́n ka ohun tó ń kọjá, sínú ẹ̀rọ yín, lórí Android ẹ máa rí i tẹ́ ẹ bá wá `Trusted credentials` tẹ́ ẹ sì wo abẹ́ `User`. Tí nǹkan bá wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ má fi wáífáì yẹn wọ báǹkì yín.

Tó bá sì jẹ́ dandan kí áàpù iṣẹ́ wà lórí fóònù tiyín, ẹ béèrè fún ohun tí Android ń pè ní `Work profile`. Á pín fóònù sí méjì bí yàrá àti pálọ̀, áàpù iṣẹ́ á wà nínú tiẹ̀ pẹ̀lú àmì àpò ìwé kékeré lára, ọ́fíìsì ò ní rí fọ́tò yín, wọn ò ní rí ọ̀rọ̀ yín, tí wọ́n bá sì fẹ́ nù ún mọ́, apá tiwọn nìkan ló máa lọ. Ẹ lè pa á lálẹ́, kẹ́ ẹ tàn án láàárọ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun ò lè lo èyí, tó ní gbogbo fóònù lòun fẹ́, kó ra fóònù fún yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: lẹ́tà

Ẹ má lọ ja lẹ́nu. Lẹ́tà kan, ojú ewé kan, sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ dátà nínú ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ní i. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun tó wà nínú ti àbúrò mi rèé:

> Ẹ jọ̀ọ́ mà, ní ọjọ́ báyìí, mánéjà mi fi màápù hàn mí tó ní ibi tí mo lọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn àkókò iṣẹ́, lórí fóònù tó jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dáhùn lábẹ́ abala 34 òfin ààbò dátà ti 2023: irú dátà wo lẹ ní nípa mi láti ara áàpù yìí, láti ọjọ́ wo, kí lẹ fi ń ṣe, ta ló ń rí i, ọjọ́ wo lẹ máa pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún mi ní ẹ̀dà ẹ̀. Ẹ tún sọ ẹsẹ̀ òfin tẹ́ ẹ dúró lé nínú abala 25. Tó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda mi ni, mo gbà á padà láti òní. Tó bá jẹ́ ìdí iṣẹ́ yín ni, mo ta kò ó lábẹ́ abala 36 fún gbogbo àkókò tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣetán láti máa lo áàpù náà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́.

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Kò kọ iṣẹ́. Òun gan-an ló mú kí lẹ́tà náà lágbára, torí ẹnikẹ́ni tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la, ì báà ṣe àjọ tàbí adájọ́, á rí i pé ó ti fún ilé iṣẹ́ ní gbogbo ohun tí iṣẹ́ nílò. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "mi ò lo áàpù yín mọ́" ti jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ àìgbọràn sọ.

Ó fi ránṣẹ́ láti ímeèlì ọ́fíìsì, ó sì fi ẹ̀dà sí tara ẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé wọ́n á gba ímeèlì ọ́fíìsì lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ̀rí wọlẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà ló yí áàpù yẹn padà sí `Allow only while using the app`.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, wọn ò dáhùn. Òfin ní kí wọ́n dáhùn láìfi falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí náà ó kọ èkejì, ìlà mẹ́ta péré, ó ní òun ṣì ń retí èsì lẹ́tà ọjọ́ báyìí, àti pé tí òun ò bá rí i láàrin ọjọ́ méje òun á gbé e lọ sí àjọ NDPC. Àárín ìgbà yẹn ló bá àwọn mẹ́rin míì tí wọ́n jọ ń tajà sọ̀rọ̀, àwọn náà ya fọ́tò fóònù wọn, àwọn náà kọ lẹ́tà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òfin dátà kò dí ọ̀gá lọ́wọ́ láti fún èèyàn ní nótíìsì kó dá a dúró bó ṣe wà nínú lẹ́tà iṣẹ́, ẹ̀rù yẹn bà wá, ẹnì kan ṣoṣo ló rọrùn láti yọ. Àwọn márùn-ún kò rọrùn.

Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n pè wọ́n. Ìyá kan láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́ jókòó, pẹ̀lú lọ́yà ilé iṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí ni ìgbà tí lọ́yà fúnra ẹ̀ bi mánéjà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ibi tí èèyàn wà lálẹ́ Sọ́ńdè ṣe, tí mánéjà ò rí nǹkan kan sọ ju pé bí áàpù ṣe wá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tiẹ̀ ti wo ìṣètò ẹ̀ rí. Wọ́n ní áàpù á máa kú fúnra ẹ̀ ní aago márùn-ún, kò ní ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn 60 ọjọ́, mánéjà kọ́ ló máa máa wò ó tààrà mọ́. Wọ́n kọ èyí sínú ìwé, gbogbo wọn sì gba ẹ̀dà. Ohun tí a ò rí gbà ni ẹ̀rí pé wọ́n ti pa ti àwọn Sọ́ńdè àtẹ̀yìnwá rẹ́ lóòótọ́. Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, àbúrò mi sì pinnu pé òun ò lọ síwájú. Èmi ì bá lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òun ni.

Tí wọn ò bá gbọ́

Àjọ NDPC lẹ máa kọ́kọ́ gbé e lọ, ojú òpó wọn ni `ndpc.gov.ng`. Abala 46 fún yín láyè láti fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ tí ohun tí wọ́n ṣe, tàbí ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe, bá ṣẹ̀ sí òfin. Ìlànà tí àjọ náà gbé jáde lọ́dún 2025 ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní `SNAG`, òun lẹ lè kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ láti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó fẹjọ́ sùn. Ẹ fi lẹ́tà méjèèjì, fọ́tò fóònù, àti ojú ewé lẹ́tà iṣẹ́ yín tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tì í. Ẹ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tẹ̀lé ọjọ́, ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Tí àjọ bá dá wọn lẹ́bi, owó ìtanràn fún àwọn tí òfin kà sí ńlá lè tó ₦10,000,000 tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn tó kù, ₦2,000,000 ló wà níbẹ̀ dípò ₦10,000,000.

Owó yẹn kì í wá sápò yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti pàdánù nǹkan, bíi kí wọ́n fi màápù ọjọ́ ìsinmi lé yín lẹ́nu iṣẹ́, abala 51 ní ẹ lè pẹjọ́ gba owó gbà-má-bínú fún ara yín, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ni ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní `National Industrial Court` máa ń gbọ́. Ẹ wá lọ́yà kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nílùú Ọba, tí áàpù ń ka ìgbà tẹ́ ẹ wọlé àgbàlagbà àti ìgbà tẹ́ ẹ jáde, àjọ ICO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà níbẹ̀ gbé ìtọ́sọ́nà jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 lórí ṣíṣọ́ òṣìṣẹ́, ó sì sọ ọ́ kedere pé ìyọ̀ǹda kì í sábà tọ́ níbi iṣẹ́ torí agbára ọ̀gá àti ti òṣìṣẹ́ kò dọ́gba. Ìbéèrè kan náà lẹ máa bi wọ́n. Ní ìpínlẹ̀ New York, láti ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2022, ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ń ṣọ́ ímeèlì, ìpè tàbí ìǹtánẹ́ẹ̀tì òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé nígbà tó bá ń gbà á síṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ sì fi hàn pé òun ti rí i. Ẹ wá ìwé yẹn nínú àwọn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí.

Ẹjọ́ kan wà ní Yúróòpù tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní "ṣèbí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa." Ará Romania kan, Bogdan Bărbulescu, ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní kó ṣí Yahoo Messenger láti fi máa dá oníbàárà lóhùn. Òfin ilé iṣẹ́ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe ti ara ẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2007 wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ tó bá àbúrò ẹ̀ àti àfẹ́sọ́nà ẹ̀ sọ jáde, ojú ewé 45, wọ́n sì lé e. Ọdún mẹ́wàá ló fi rojọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Strasbourg, adájọ́ 11 sí 6, sọ pé wọ́n ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀ lójú, torí sísọ fún èèyàn pé kó má lò ó yàtọ̀ sí sísọ fún un pé a máa ka ohun tó kọ. Ìdájọ́ yẹn kò de ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n lọ́yà yín lè tọ́ka sí i.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀

Kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti kó fọ́tò àti nọ́ńbà èèyàn yín kúrò lórí fóònù ọ́fíìsì, torí àwọn kan máa ń ti ẹ̀rọ pa ní wákàtí tí lẹ́tà bá dé. Tiyín nìkan ni kẹ́ ẹ kó o, orúkọ oníbàárà kì í ṣe tiyín. Ẹ yọ àkántì Google yín kúrò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a padà, kẹ́ ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti gbà á, kí nọ́ńbà ẹ̀rọ náà wà nínú ìwé. Lórí fóònù tiyín, ẹ ní kí wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò níṣojú yín, ẹ wo `device admin` àti `VPN & Device Management` lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ní àwọn ti yọ ọ́. Àbúrò mi fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó wo fóònù ẹ̀ nílé, áàpù ti lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ ilé iṣẹ́ ṣì wà nínú `Trusted credentials`. Ó pè wọ́n padà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì yọ ọ́.